Irọ́ Ni Pé Ẹ̀rọ Kì í Ṣègbè Tó Bá Ń Fún Ojú Ní Máàkì

Ní Adó-Èkìtì níbí, ó ti di eré lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti gbé àwòrán ojú wọn sínú áàpù kan, kí áàpù náà sì dá máàkì padà: 6.3 nínú 10, 8.1 nínú 10. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà Ìwòrókò, mo sì ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun ojú ìyàwó ní Ajílòsun. Bí ẹnì kan bá ń ráhùn pé máàkì òun kéré, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀ fún un: "Èèyàn ló lè ṣojúsàájú. Ẹ̀rọ ò mọ bàbá ẹ, kò mọ ìyá ẹ."

Òótọ́ ni, ẹ̀rọ kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ojú àwọn tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì mọ irú ojú tí àwọn tó jókòó fún wọn ní máàkì fẹ́ràn. Kò mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Kò sí ẹnì kankan tó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé báyìí ni ẹwà ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kó àwòrán ojú jọ, wọ́n á fi han àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á tẹ nọ́ńbà tó bá wù ú. Wọ́n á wá ro gbogbo nọ́ńbà tí ojú kan gbà pọ̀, wọ́n á pín in ní iye èèyàn tó tẹ̀ ẹ́, ohun tó bá jáde ni máàkì ojú náà. Ẹ̀rọ á máa wo àwòrán pẹ̀lú máàkì, àwòrán pẹ̀lú máàkì, títí tí òun náà á fi lè sọ tẹ́lẹ̀ iye tí àwọn èèyàn yẹn ì bá fún ojú tí wọn kò rí rí.

Ọ̀kan lára irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùwádìí mọ̀ jù lọ ni SCUT-FBP5500, tí yunifásítì kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà gbé jáde ní 2018. Àwòrán 5,500 ló wà nínú rẹ̀: obìnrin ará Éṣíà 2,000, ọkùnrin ará Éṣíà 2,000, obìnrin aláwọ̀ funfun 750, ọkùnrin aláwọ̀ funfun 750. Ẹ rò ó pọ̀ fúnra yín, ó pé 5,500 géérégé. Ojú aláwọ̀ dúdú kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Èèyàn 60 ló fún wọn ní máàkì, láti 1 dé 5, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ju ọdún 27 lọ láàárín wọn. Mi ò bá àwọn tó ṣe é jà o. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n kó jọ fún gbogbo ayé, wọn ò fi pamọ́. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó bá kọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú irú àkójọ báyìí tán, tó wá gbé e fún ọmọbìnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ bíi pé òṣùwọ̀n gbogbo ayé ni.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ náà péye. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló ń jẹ́ kó péye. Wọ́n á fi àwọn àwòrán kan pamọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n á wá ní kó fún wọn ní máàkì, wọ́n á sì wò ó bóyá máàkì rẹ̀ bá ti àwọn 60 yẹn mu. Bó bá bá a mu, ó péye nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn 60 yẹn bá fẹ́ràn imú tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tó péye jù ni ẹ̀rọ tó fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyẹn jù. Bí wọ́n bá wá gbé ojú tí irú rẹ̀ kò sí nínú àkójọ síwájú rẹ̀, kò ní sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò kọ́ ọ láti sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ́ ọ kó máa sọ, nọ́ńbà náà ni yóò sì sọ, pẹ̀lú ìdánilójú kan náà.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn tún ń fi nǹkan mìíràn pamọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ojú méjì wà níwájú èèyàn 60. Ojú àkọ́kọ́, gbogbo wọn fún un ní 3. Ojú kejì, 30 nínú wọn fún un ní 5, àwọn 30 yòókù fún un ní 1. 30 lọ́nà 5 jẹ́ 150, ẹ fi 30 kún un, ó di 180. Ẹ pín 180 sí ọ̀nà 60, ó di 3. Máàkì kan náà ni ẹ̀rọ á kọ́ fún ojú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ojú tí ìdajì àwọn èèyàn ń kú lé lórí kò jọ ojú tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ wo ìyá àgbà tó kọ pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó tún ní èjí láàárín eyín. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní abúlé á ní arẹwà ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé fóònù kiri lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun gan-an sì ni ìpíndọ́gba ń pa rẹ́. Fílítà tó ń dán ojú burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tirẹ̀: ó lè ka pélé sí àbààwọ́n, kó sì nù ún dànù bó ṣe ń nu irorẹ́.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń fúnni ní máàkì pàápàá, kámẹ́rà ti kọ́kọ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kan, adúmáadán, dúró síwájú ògiri funfun lọ́sàn-án gangan, ó ya ara rẹ̀, áàpù fún un ní 5.7. Mo ní kó bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó kọjú síta, kí ilẹ̀kùn pákó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó di 7.2. Ojú kan náà, aṣọ kan náà, kò tilẹ̀ tún pàúdà fi.

Ohun tó fà á kò le. Kámẹ́rà máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì gbà pé tí a bá po gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò dà bí àwọ̀ eérú tó ń dá nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Ògiri funfun ń dá púpọ̀ ju ìyẹn padà. Kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú dúdú tó wà níwájú ògiri á sì rì sínú òkùnkùn: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á pòórá, ẹ̀gbẹ́ imú á pòórá, awọ ara á máa ní èérún bí iyanrìn. Fóònù tuntun máa ń wá ojú kó tó wọn ìmọ́lẹ̀, ìyẹn sì ń ràn wá lọ́wọ́, àfi tí kò bá tètè rí ojú dúdú náà.

Kámẹ́rà ti ń ṣe èyí kí fóònù tó dáyé. Nígbà tí a ń fi fíìmù ya àwòrán, káàdì kan wà tí àwọn ilé ìfọ̀wòrán fi ń tún àwọ̀ ṣe, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ Shirley bá ti dáa, iṣẹ́ dáa nìyẹn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí Kodak bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù rẹ̀ ṣe kó lè gba àwọ̀ dúdú dáadáa ní àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ni ẹjọ́ wọn wọ̀ ọ́ létí. Ẹ ò rí i, àga ló bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ń rò pé àròsọ lásán ni mò ń ṣe, kó wo ìdíje Beauty.AI ti 2016, níbi tí ẹ̀rọ ti jẹ́ adájọ́ ẹwà. Nǹkan bí èèyàn 6,000 láti orílẹ̀-èdè tó ju 100 lọ ló fi àwòrán ránṣẹ́. Nínú àwọn 44 tó borí, aláwọ̀ funfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ará Éṣíà díẹ̀, aláwọ̀ dúdú ẹyọ kan. Ní ọdún kejì, áàpù FaceApp gbé fílítà kan jáde tó ní òun á sọ èèyàn di arẹwà. Ó ń sọ àwọ̀ dúdú di pupa. Ẹni tó ni ín tọrọ àforíjì, ó ní àkójọ àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ṣègbè.

Àwọn kan á wá ní ojútùú rẹ̀ rọrùn: ká kó ojú dúdú rẹpẹtẹ sínú àkójọ, kó sì jẹ́ àwa fúnra wa la máa fún wọn ní máàkì. Èmi ò gbà pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Kenneth Clark àti ìyàwó rẹ̀ Mamie, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ọmọláńgidi síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú 253 ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọláńgidi náà jọra délẹ̀, àwọ̀ ara àti irun nìkan ló yàtọ̀. Ó ju ìdajì àwọn ọmọ náà lọ tó ní funfun ló dáa, ó sì ju ìdajì lọ tó tọ́ka sí èyí tó jọ àwọ̀ ara tiwọn pé òun ni kò dáa. Kò sí òyìnbó tó mú wọn lọ́wọ́ tọ́ka. Ohun tí ojú wọn ń rí lójoojúmọ́ ló ti kọ́ wọn.

Tiwa náà ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ẹ lọ síbi ìgbéyàwó ní Adó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo ojú ìyàwó, kí ẹ tún wo ọrùn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fandéṣọ̀n tí wọ́n fi kùn ún fi ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta pupa ju awọ rẹ̀ lọ, àwọn alejò á sì máa pariwo pé ó rẹwà gan-an. Bí a bá ní kí 60 nínú àwọn alejò yẹn fún àwòrán ní máàkì lọ́la, ẹ̀rọ tí a máa kọ́ á jẹ́ ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé, á sì tún máa gbè sẹ́yìn pupa.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá áàpù kan ń fi àwọ̀ ṣe ìdájọ́, ẹ mú àwòrán kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ mú kí awọ ojú inú ọ̀kan mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mú kí ti ẹ̀kẹta ṣókùnkùn díẹ̀, kó má ṣe pọ̀ débi tí imú àti ojú kò ní hàn mọ́. Imú kò yí padà, ètè kò yí padà, gígùn àti fífẹ̀ ojú kò yí padà. Bí máàkì bá ń gòkè bí awọ ṣe ń mọ́lẹ̀ sí i, a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ awọ wà lára ohun tó ń kà sí ẹwà. Ẹ ṣe é fún ojú tó pọ̀ díẹ̀, nítorí pé ojú kan ṣoṣo lè ṣini lọ́nà. Mo sì ti yẹ àwọn áàpù tó wà lórí fóònù tèmi wò: kò sí ọ̀kan tó sọ iye èèyàn tó fún ojú ní máàkì, ibi tí wọ́n ti wá, tàbí bí máàkì wọn ṣe jìnnà síra tó.