Ẹ yéé sọ fún ẹni tuntun pé orúkọ kílìpù ò ṣe nǹkan kan

Wọ́n tún ti sọ ọ́ lánàá o. Mò ń kọ nóòtì tí mo fẹ́ fi fa iṣẹ́ lé àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, bí a ṣe ń sọ kílìpù animation inú gémù wa lórúkọ àti bí fódà ṣe tò, ni ẹ̀gbọ́n kan bá yọjú wo kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ní, "Kí lo ń kọ gbogbo eléyìí sí? Orúkọ lásán ni jàre, ojú èèyàn ló wà fún. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó yí i padà." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àtọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀rọ ń ka orúkọ, ó tún ń kà á ju àwa lọ, torí tí èèyàn bá rí `walk_loop` tó sì rí `walk_final` á mọ̀ pé ìrìn kan náà ni, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ láéláé.

Ohun tí àwọn èèyàn ò kíyè sí ni pé orúkọ mẹ́ta ni kílìpù kan ń jẹ́ tí ẹ bá ń ti Blender gbé e lọ sí Unity:

```
file:   hero@walk_loop.fbx
clip:   Armature|walk_loop
state:  Walk
```

Èyí àkọ́kọ́ ni orúkọ fáìlì. Ìkejì wà nínú fáìlì yẹn gan-an, Action tẹ́ ẹ ṣe ní Blender ló ti wá. Ìkẹta ni orúkọ àpótí tó wà nínú Animator, òun ni kóòdù ń pè. Ẹ lè yí ọ̀kan padà kí méjì tó kù má mọ̀ rárá.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ẹnìkan lára wa tún ìrìn hero ṣe, ó dáa, ẹsẹ̀ ò yọ̀ mọ́, inú ẹ̀ wá dùn, ló bá yí orúkọ Action yẹn sí `walk_final`, ó gbé e jáde lé fáìlì àtijọ́ lórí. Fódà kan náà, orúkọ fáìlì kan náà. Nígbà tí mo ṣí gémù, hero na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró gbagidi, ó wá ń fò lọ lórí ilẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀. Kò sí àṣìṣe pupa kankan ní Console. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ń wá a nínú kóòdù, bẹ́ẹ̀ kóòdù ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, `Walk` ló ń pè, `Walk` sì wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo wá tẹ àpótí `Walk` yẹn ni mo rí i pé ibi Motion ti di `Missing`. Unity ń wá `Armature|walk_loop`, kò sí i mọ́, ti `walk_final` tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ àlejò lójú ẹ̀. A dá orúkọ Action padà sí ti tẹ́lẹ̀, a tún un gbé jáde, ó padà sípò fúnra ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sókè pátápátá nínú nóòtì pé Action tó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan, orúkọ ẹ̀ ò yí padà mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ẹ̀dà, fáìlì Blender ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, `hero_walk_v03.blend`, torí kò sí ẹni tó ń pè é. Fáìlì `.blend` yẹn náà ò gbọdọ̀ wọ inú `Assets`, fódà `Source` tiẹ̀ ló ń gbé níta, torí Unity á fẹ́ gbé e wọlé fúnra ẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò bá sì ní Blender á máa pariwo.

Wọ́n á ní àwọn ti yí orúkọ fáìlì padà rí, nǹkan kan ò ṣe. Ẹ̀n, inú Unity lẹ ti yí i, ó bá yín gbé `.meta` ẹ̀ dání, fáìlì kékeré tó gbé guid, àmì tí Unity fi ń dá a mọ̀. Ẹ lọ gbé fáìlì yẹn láti inú fódà kọ̀ǹpútà lásán kẹ́ ẹ fi `.meta` sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó. Unity á ṣe `.meta` tuntun, guid tuntun, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lò ó á di `Missing`. Tẹ́ ẹ bá ń lo git ó ṣì ṣe é gbà là: ẹ ti Unity pa, ẹ mú `.meta` àtijọ́ padà, ẹ fi rọ́pò tuntun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì níbi tó wà báyìí.

Ó dáa, tó bá jẹ́ fídíò kékeré lẹ̀ ń ṣe, tí kò sí gémù tó ń pe kílìpù, ó lè má dùn yín tó báyìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò yọ ìlà kankan kúrò. Àárọ̀ yìí ni mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé òun lè yí `walk_loop` sí `walk_new`.