Irin tó ń já bọ̀ kì í fi gbogbo ìwúwo ẹ̀ fa okùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún jókòó tì mí, ó ya tábìlì sínú ìwé, ó gbé búlọ́ọ̀kù igi lé e, ó so okùn mọ́ búlọ́ọ̀kù náà, ó gbé okùn gba orí púlì létí tábìlì, ó wá so irin rọ̀ sí ìdí okùn. Kò tiẹ̀ tíì gbé báírò kúrò lórí ìwé tó fi kọ T = mg. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ pé agbára inú okùn dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo irin. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. "Ṣebí irin yẹn náà ló ń fa okùn? Kí ni ì bá tún wà nínú okùn?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àkẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ wọn, èmi náà sì gbà á gbọ́ fún odidi ọdún méjì.

Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ẹ wo irin nìkan. Ohun méjì péré ló ń fà á. Ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, okùn ń fà á sókè. Tó bá jẹ́ pé bí ilẹ̀ ṣe ń fà á náà ni okùn ṣe ń fà á, àwọn méjèèjì ti pa ara wọn rẹ́ nìyẹn, irin tó dúró jẹ́ẹ́ kí a tó tú búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ á ṣì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí a tú u sílẹ̀. Ṣé ó dúró? Kò dúró. Ó ń já bọ̀, eré ẹ̀ sì ń le sí i bó ṣe ń lọ. Kò sí ohun tó lè fa ìyẹn àfi kí okùn máa fà á sókè lọ́nà tí kò tó ìwúwo ẹ̀. Ẹni tó bá kọ T = mg, tó tún ń wá bí irin ṣe ń yára sí i, ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ nu ìdáhùn nù.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Búlọ́ọ̀kù jẹ́ kílò 3, irin jẹ́ kílò 2, mo sì mú g, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń mú ohun tó ń já bọ̀ yára sí i, ní 10 kí ìṣirò má baà le (9.8 ló yẹ kó jẹ́, kò ba nǹkan jẹ́). Ìwúwo irin wá jẹ́ níútọ̀nù 20, búlọ́ọ̀kù sì ń tẹ tábìlì ní níútọ̀nù 30. Tábìlì hára. Kí búlọ́ọ̀kù tó gbéra, ìdíwọ́ ojú tábìlì, tí wọ́n ń pè ní fíríkíṣọ̀n, lè le dé ìlàjì ìtẹ̀ náà, ìyẹn 15. Tó bá ti ń wọ́ lọ, ìdíwọ́ á rọ̀ díẹ̀, á wá sí 0.4 ìtẹ̀ náà, ìyẹn 12. Irin ní 20, ó ju 15 lọ, nítorí náà wọ́n gbéra.

Nínú 20 yẹn, ìdíwọ́ ti jẹ 12, ó ku 8. Níútọ̀nù 8 yìí ló ń mú búlọ́ọ̀kù àti irin yára papọ̀, kílò 5 lápapọ̀. Tí a bá pín 8 sí ọ̀nà 5, a ó rí 1.6: láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, eré wọn ń fi mítà 1.6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lé sí i. Kí irin kílò 2 tó lè yára tó bẹ́ẹ̀, ó nílò níútọ̀nù 3.2. Nínú ìwúwo ẹ̀ ló ti máa yọ ọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù fún okùn ni 16.8. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yẹ̀ ẹ́ wò: 16.8 yọ 12 kúrò, ó ku 4.8, ìyẹn 1.6 lọ́nà mẹ́ta gan-an.

Ẹni T = mg náà máa rí 8 tiẹ̀, àmọ́ á pín in fún kílò 3 nìkan, bíi pé irin ò ní ara tó yẹ kí nǹkan tì. Á ní 2.67. Tí irin bá ní sẹ̀ǹtímítà 80 láti já bọ̀, tèmi gba ìṣẹ́jú àáyá kan gééré, tiẹ̀ gba 0.77. Mo fi fóònù ya tèmi ní fídíò, àwòrán 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí irin kanlẹ̀, mo wà lórí àwòrán ọgbọ̀n. Tirẹ̀ ì bá ti kanlẹ̀ lórí ìkẹtàlélógún.

Mo tún so òṣùwọ̀n onísípíríngì mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, mo ka ìwúwo òṣùwọ̀n náà mọ́ kílò 3, mo sì so okùn mọ́ ìkọ́ ẹ̀. Mo di búlọ́ọ̀kù mú, abẹ́rẹ́ ń ka 20. Bí mo ṣe tú u sílẹ̀, abẹ́rẹ́ fò padà sẹ́yìn, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wà láàárín 16 àti 17 títí irin fi dé ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n kò ṣe é búra lé lórí títí dé 16.8, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò padà sórí 20.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àṣìṣe yìí mọ bó ṣe ń fara pa mọ́. Ká ní ẹni náà wọn 1.6 láìṣi, ó wá fẹ́ fi mọ bí tábìlì ṣe hára tó. Á yọ 4.8 kúrò nínú 20, á rí 15.2, á pín in fún 30, á kéde 0.51. Kò sí ohun tó máa fura sí, tábìlì lè jẹ́ 0.51 lóòótọ́. Ó tiẹ̀ sún mọ́ 0.5 tí a rí kí búlọ́ọ̀kù tó gbéra, á sì rò pé òun ti ṣe dáadáa. Ẹ yọ okùn kúrò, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ìka gbá búlọ́ọ̀kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó bá ti ń yọ̀ lọ láìyára sí i, ẹ wọn igun ẹ̀. Tèmi jẹ́ ìwọ̀n 22, táńjẹ́ǹtì igun yẹn sì bá 0.4 mu. Kó tó lè jẹ́ 0.51, mo ní láti gbé tábìlì dé 27, búlọ́ọ̀kù ì bá sì ti sá lọ tipẹ́.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwọn ti gbé irin rọ̀, òṣùwọ̀n sì ka gbogbo ìwúwo ẹ̀. Ó dúró sójú kan! Kí ló máa kà? Ó dáa, mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà tí nǹkan kò bá yára sí i. Ẹ so irin kílò 1 rọ̀ dípò 2, búlọ́ọ̀kù ò ní kúrò lójú kan, okùn á gbé 10, ìdíwọ́ náà á sì jẹ́ 10, kì í ṣe 15. Ẹ so 1.2 rọ̀, kẹ́ ẹ ti búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀kan, á máa lọ ní eré kan náà, okùn á gbé 12. Púlì tó wúwo máa ń jẹ́ kí okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n tí irin bá ti ń yára bọ̀ wálẹ̀, okùn tó so ó rọ̀ kò ní tó mg láéláé.

Ẹni ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn ní òun á lọ dán an wò. Mo yá a ní òṣùwọ̀n náà, kò tíì dá a padà.