Ẹ wo MCV kí ẹ tó ra mọ́ọ̀tì

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Tí ẹ̀jẹ̀ yín bá lọ sílẹ̀, ẹ po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹ̀jẹ̀ á kún!"

Irọ́ ni o. Ṣúgà ló kún inú mọ́ọ̀tì, mílíìkì sì máa ń dín èròjà irin tí ara ń fà láti inú oúnjẹ kù.

Ìyá aládìrẹ kan níbí l'Óṣogbo mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wá bá mi. HGB rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 8.9 g/dL, bẹ́ẹ̀ 12 ló yẹ kí obìnrin tí kò lóyún ní, ó kéré tán. Mo ní ká wo MCV nísàlẹ̀: 66. Ìyẹn ni ìtóbi hóró ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí kò bá tó 80, àìtó èròjà irin ló sábà máa ń fà á.

Mo bi í nípa nǹkan oṣù rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́jọ ni. Páàdì kan kì í lò ju wákàtí méjì lọ." Ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ!

Dókítà ṣì ní kó ṣe àyẹ̀wò férítínì, èyí tó ń fi ìwọ̀n irin tí ara tọ́jú pa mọ́ hàn, torí àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá kan tún máa ń sọ hóró di kékeré. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé irin ló tán lóòótọ́. Kódà pẹ̀lú oògùn irin, nǹkan bí 2 g/dL ni HGB máa ń fi gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.