Ṣọ́ọ̀bù òfìfo wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dàlékò

Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa ní Múṣín ti wà ní títì láti ìgbà tí màmá mi ti ṣíwọ́ ọjà títà. Ẹnì kan fẹ́ san ₦300,000 lọ́dún, èmi ni mo ní ká má gbà á. Lábẹ́ òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011, tí ẹ kò bá jọ ṣe àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà lẹ fi máa sọ fún ayálégbé ọlọ́dọọdún kó tó kó jáde. Àbúrò mi sì lè fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbàkigbà.

Àpò ẹ̀wà la wá ń bá àwọn oníṣòwò Dàlékò tọ́jú, ₦300 lórí àpò kan lọ́sẹ̀. Yàrá náà gba ogójì àpò, ká tún rí ọ̀nà rìn. Lẹ́yìn ìkórè, ó máa ń kún. Tó bá di nǹkan bí oṣù keje, ó lè má ju mẹ́wàá lọ. Tí a bá dá a sí ogún àpò, ₦6,000 ni lọ́sẹ̀, ₦312,000 lọ́dún. Èrè rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti owó ilé lọ, ṣùgbọ́n yàrá ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ wa, nítorí náà tí àpò kan bá sọnù, àwa ni wọ́n máa bi. Lójú oníǹkan la ti ń kà á, tí a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, tòun tàwa. Orí pákó la ń to àpò sí, a kì í jẹ́ kó fara kan ògiri, torí sìmẹ́ńtì máa ń tutù, ẹ̀wà á sì hu.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kòkòrò ẹ̀wà, àti oògùn rẹ̀ pàápàá. Kí n tó gba àpò, mo máa ń bu ẹ̀wà díẹ̀ wò: tí mo bá rí ẹyin funfun wínníwínní lára rẹ̀, tàbí ihò róbótó, tàbí tí inú àpò gbóná nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kòkòrò ti wà níbẹ̀. Ìyá kan gbé àpò méjìlá wá lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ ju oògùn oníhóró sínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́sítọ́sìn. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di gáàsì. Gáàsì náà ń gba àjà àti ihò ògiri kọjá, ó sì ń pa ẹni tó ń sùn. Ẹ má dúró de òórùn rẹ̀, èèyàn lè má gbọ́ ọ rárá.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra àpò onípele mẹ́ta." Ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kó le dan-in dan-in. Kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tán, á sì kú láìsí oògùn kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó di í. Wọ́n ní ó ti wọ́n jù, ni wọ́n bá kó àpò wọn lọ. ₦3,600 lọ́sẹ̀ nìyẹn. N ò bá wọn dúnàá dúrà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù yẹn àti ibùsùn màmá mi.