Ẹ ṣé, Ìyá Aláró

“Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ tí ẹ ò lè gbàgbé?”

Ìyá Aláró wa ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta ni. Nígbà tí bàbá mi kú, tí owó ìkọ́ṣẹ́ ò sí mọ́, wọn ò lé mi. Àwọn ló kọ́ mi kí n máa fi ìka ra omi eérú wò kó tó kan èlú: bí kò bá yọ̀ bí ọṣẹ, kò tíì le tó. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn wá sọ ọ́ di búlúù, aró ti ṣe é rẹ nìyẹn. Ìkòkò wọn kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tèmi, wọn ò gba kọ́bọ̀. Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ó pẹ́ fún wa.