Ìwé àdéhùn ṣáájú ìgbéyàwó kò de adájọ́ lọ́wọ́

“Wọ́n ti buwọ́ lù ú, lọ́yà wà níbẹ̀, ó ti parí.” Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nìyẹn nípa àdéhùn ṣáájú ìgbéyàwó. Kò tíì parí o. Ní Nàìjíríà, òfin ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ló ń darí ẹjọ́ ìgbéyàwó rẹ́jísírì. Abala 72 rẹ̀ fún adájọ́ láṣẹ láti pín dúkìá tí tọkọtaya ti ṣètò sílẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó lọ́nà tó bá rí pé ó tọ́, fún ire àwọn méjèèjì àti àwọn ọmọ. Adájọ́ yóò ka ìwé yín, àmọ́ òun ló ń dájọ́.

Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin kan ní ilé méjì n'Íbàdàn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí kálukú bá ní kí wọ́n tó fẹ́ra ṣì jẹ́ tirẹ̀, gbèsè ẹnì kan kò kan ẹnì kejì, ogún ilé bàbá sì jẹ́ ti ẹni tó jogún rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ìwé gidi ni. Ó wá fi kún un pé bí ìyàwó bá kọ òun, kò ní gba kọ́bọ̀, ọ̀dọ̀ òun sì ni ọmọ máa wà.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló gbé ìwé náà fún un. Sátidé ni ìgbéyàwó. Aṣọ ẹbí ti délé gbogbo ẹbí, wọ́n ti so màlúù mọ́lẹ̀. Ta ló máa ní òun ò buwọ́ lù ú? Yàtọ̀ sí èyí, ọkùnrin náà ní ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà tí kò dárúkọ rárá.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, lọ́yà obìnrin náà yóò béèrè ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ìwé náà, àti bóyá ó ní lọ́yà tirẹ̀. Ipá tí wọ́n fi mú un àti ilẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ tó fún adájọ́ láti wọ́gi lé ìwé náà. Ti ọmọ kò tilẹ̀ lẹ́jọ́ nínú: abala 71 sọ pé ire ọmọ ló ṣáájú, òbí ò lè fi ìwé tà á. Lórí owó ìtọ́jú, abala 70 ní kí adájọ́ wo agbára àti ìwà àwọn méjèèjì. “Kò ní gba kọ́bọ̀” kò lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, adájọ́ lè fi àwọn ilé Ìbàdàn sílẹ̀ fún ọkùnrin náà.

Lójú tèmi, ìwé tó máa dúró ni èyí tí wọ́n kọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ṣì lè sọ pé òun ò ṣe mọ́, tí kálukú ní lọ́yà tirẹ̀, tí wọ́n sì to gbogbo dúkìá síta.

Ẹni tó ṣe ìdána tàbí yìgì nìkan, abala 70 sí 72 yìí kò kàn án: òfin náà yọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní abala 69.