Owó GRE tí ẹ san kò tíì wọgbó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ FUTA tí mo ń bá forúkọ sílẹ̀ fún GRE, ìdánwò tí àwọn fáfitì òkè òkun kan máa ń béèrè: "Owó tó bá ti dé ọwọ́ òyìnbó, kì í padà mọ́." Wọ́n gbà á gbọ́ débi pé bí ètò bá yí, wọn a kàn jókòó sílé lọ́jọ́ ìdánwò, wọn a ní kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdajì owó náà ń padà, bí ẹ bá tètè fagi lé ìdánwò náà.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé kan. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ló yẹ kó ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n fáfitì tó fẹ́ lọ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé sí i pé àwọn ò béèrè GRE lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní, "Àǹtí, mo ti rí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà bá mi yí orúkọ sí tiẹ̀."

Mo ní kò ṣeé ṣe. ETS tó ni ìdánwò náà kì í gbà kí ẹnì kan gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu, pásípọ́ọ̀tù yẹn náà sì ni wọn yóò béèrè lẹ́nu ọ̀nà ní Nàìjíríà níbí. Wọ́n á tún ya fọ́tò ẹni tó wá jókòó. Ẹni tó bá ra àyè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa dá a padà, owó á sì gbé. Ọjọ́ ìdánwò nìkan lẹ lè sún, ìyẹn náà sì lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìdánwò.

Ọmọ yìí ò nílò ọjọ́ mìíràn ní tiẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kó fagi lé e kó gba ìdajì. Òfin wọn ni pé kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìdánwò: ẹni tí tiẹ̀ bá bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ Túsìdeè ni òpin. Ọjọ́ Ajé la wà, ilẹ̀ ọ̀la ló kù tó máa mọ́ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ká ní Wẹsidé ló wá ni, kọ́bọ̀ kò ní padà. Mi ò jẹ́ kó lọ sílé kó lọ rò ó. Ó wọ àkáǹtì ETS rẹ̀ níwájú mi, ó fagi lé ìdánwò náà, ìméèlì wọlé. Dọ́là 220 ló san, dọ́là 110 ló ń bọ̀.

(Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ `Cancel Scores` tí kọ̀ǹpútà máa ń gbé síwájú yín lẹ́yìn tí ẹ bá parí ìdánwò. Èsì ni ìyẹn ń pa rẹ́. Kò kan owó rárá.)

Ibi tí wàhálà gan-an ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọ̀nà tí owó gbà lọ náà ló ń gbà padà, sínú kádì tí wọ́n fi san án. Kádì ta ni? Láti ìparí 2022 tí ọ̀pọ̀ báǹkì ti dá káàdì náírà dúró lórí ìsanwó òkè òkun, ejẹ́ǹtì ló ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn san án. Àwọn báǹkì kan tún ti ṣí i padà ní 2025, ṣùgbọ́n àṣà ejẹ́ǹtì ti mọ́ wa lára. Kádì ejẹ́ǹtì kan ni wọ́n fi san ti ọmọ yìí náà, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn sì ni dọ́là 110 ń lọ. Nígbà tó pè é, ejẹ́ǹtì ní, "Wọn kì í dá owó yẹn padà, gbogbo ayé ló mọ̀."

A fi ìméèlì ETS ránṣẹ́ sí i. Ó dákẹ́. Ó wá ní kádì orí fóònù ni, òun sì ti pa á rẹ́. Èyí lè jẹ́ òótọ́ o, torí àwọn kan máa ń ṣí irú kádì bẹ́ẹ̀ fún ìsanwó kan ṣoṣo. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ló wà lórí kádì náà, òun nìkan ló sì lè bá àwọn tó fún un ní kádì sọ̀rọ̀, kó fi ìwé ìsanwó hàn wọ́n, kí wọ́n wá owó náà jáde. Kí ọmọ náà máa kọ ìwé sí ETS kò lè yọ ọ́, nítorí lójú tiwọn, wọ́n ti dá owó padà fún ẹni tó san án.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ejẹ́ǹtì tó pè pé owó ti wọlé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí iye náírà tí yóò fi ṣẹ́ dọ́là náà, ṣé ti ọjọ́ tí ejẹ́ǹtì gbowó lọ́wọ́ ọmọ náà ni tàbí ti òní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ kí oníbàárà kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kádì tí a fi san owó rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni kádì, kó tó kúrò níwájú mi.